Àkọsílẹ̀ Kọ̀ǹpútà Alágbèéká, Fóònù àti Láísẹ́ńsì Sọ́fítíwíà Ọ́fíìsì Wa: 30 Oṣù Kìíní 2026

Ojú ara mi ni mo fi rí gbogbo ẹ̀rọ tó wà níhìn-ín, ní Ọjọ́rú 28 àti Ọjọ́bọ̀ 29 oṣù yìí. Mo dé ìdí tábìlì kọ̀ọ̀kan, mo dojú ẹ̀rọ bolẹ̀, mo ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ abẹ́ rẹ̀, mo sì fi í wé ti ara rìsíìtì. Ibi tí nọ́ńbà ti pa rẹ́, èyí ni mo tẹ̀ sínú PowerShell:

```
Get-CimInstance Win32_BIOS | Select-Object SerialNumber
```

Ti fóònù kò le: ẹ tẹ `*#06#`, IMEI á jáde. N kò kọ IMEI síbí, ó wà nínú fáìlì tí mo tì pa.

Ọjọ́ ló ṣáájú nínú gbogbo déètì, oṣù tẹ̀ lé e, kí ọdún tó dé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níwájú ẹ̀rọ ni a ó béèrè ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá yá ẹlòmíì lò ju ọjọ́ kan lọ, ẹ sọ fún mi kí n lè yí orúkọ padà.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká

| Àmì | Irú ẹ̀rọ | Ọwọ́ ẹni tó wà | Ọjọ́ tí a rà á | Ìparí wáráńtì |
|---|---|---|---|---|
| K-01 | Dell Latitude 5420 | Ìyáàfin Fúnmi, ìṣirò owó | 14/03/2022 | 13/03/2025 |
| K-02 | Dell Latitude 5420 | Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé, ọjà títà | 14/03/2022 | 13/03/2025 |
| K-03 | Lenovo ThinkPad T470 | Omidan Ṣadé, tábìlì iwájú | 05/02/2018 | 04/02/2021 |
| K-04 | Lenovo ThinkPad T14 Gen 3 | Ìyáàfin Ìyábọ̀, alákòóso | 20/03/2023 | 19/03/2026 |
| K-05 | Lenovo ThinkPad T14 Gen 3 | Ọ̀gbẹ́ni Délé, àtúnṣe ẹ̀rọ | 20/03/2023 | 19/03/2026 |
| K-06 | HP EliteBook 840 G10 | Omidan Bísí, ọ̀rọ̀ oníbàárà | 11/06/2024 | 10/06/2027 |
| K-07 | MacBook Air M2 | Ọ̀gbẹ́ni Tósìn, àwòrán | 02/09/2024 | 01/09/2025 |
| K-08 | HP EliteBook 840 G10 | Kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù | 11/06/2024 | 10/06/2027 |

K-04 àti K-05 ni kí a kọ́kọ́ sáré sí. Nígbà tí mo tẹ nọ́ńbà wọn sórí ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, 02/03/2026 ni wọ́n kọ sí ìparí wáráńtì, kì í ṣe 19/03/2026. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ kúrò nílé iṣẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, torí pé kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rí ọjọ́ tí a rà á ránṣẹ́ sí wọn. Ọjọ́ 17 ni a máa pàdánù bí a bá dákẹ́. Rìsíìtì ẹ̀rọ méjèèjì wà lọ́wọ́, déètì rẹ̀ hàn ketekete, mo sì ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ lánàá kí wọ́n tún déètì náà ṣe. Títí wọn yóò fi fèsì, 02/03/2026 ni kí gbogbo wa fi sọ́kàn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni ojú K-05. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé kan gba apá òsì rẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rọra ṣí ìdérí rẹ̀, ìlà náà á lọ. Bí ó bá ti kọjá ìdajì, á tún padà. Kò sí ibi tó sán, kò sí àpá pé ó já bọ́. Irú àbùkù tí wáráńtì ń san nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìparí.

Bátìrì K-02 ti wú. Páádì tí a ń fi ìka fà ti gbé sókè débi pé ẹ̀rọ náà kò pa dé dáadáa mọ́. Mo ti gbà á lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé, mo pa á, mo sì gbé e sórí símẹ́ǹtì níbi tí kò sí ìwé. K-08 ni wọn yóò máa lò títí a ó fi pààrọ̀ bátìrì náà. Bí wọ́n bá ti gbà á ni n ó yí orúkọ padà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí kó gún un. Àwa náà ni a ó sanwó rẹ̀. Ọdún 3 ni wọ́n kọ fún ẹ̀rọ Dell wa, ṣùgbọ́n ọdún 1 péré ni ti bátìrì rẹ̀.

K-03 kò lè gba Windows 11, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti pẹ́ jù. Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní 14/10/2025. Nítorí náà, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òun ni a ń fi ṣí báńkì tàbí ìwé oníbàárà. Ó yẹ kí a rọ́pò rẹ̀ kí ọdún yìí tó dé ìdajì.

Fóònù

| Àmì | Irú fóònù | Ọwọ́ ẹni tó wà | Ọjọ́ tí a rà á | Ìparí wáráńtì |
|---|---|---|---|---|
| F-01 | Samsung Galaxy A54 | Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé | 17/07/2023 | 16/07/2025 |
| F-02 | Samsung Galaxy A54 | Kọ́bọ́ọ̀dù | 17/07/2023 | 16/07/2025 |
| F-03 | iPhone 13 | Ìyáàfin Ìyábọ̀ | 09/05/2023 | 08/05/2024 |
| F-04 | Samsung Galaxy A35 | Omidan Bísí | 22/08/2024 | 21/08/2026 |
| F-05 | Nokia 105 | Tábìlì iwájú | 10/10/2022 | 09/10/2023 |

Ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi, tí wọ́n fi wá sílẹ̀ ní 28/11/2025, ni F-02 àti K-08 wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá méjèèjì padà, ṣùgbọ́n ṣájà K-08 kò bá a wá, àkáǹtì Google wọn sì ṣì wà lórí F-02. Bí a bá kàn pa gbogbo ohun inú fóònù náà rẹ́, àkáǹtì yẹn ni yóò tún béèrè, kò sì ní wúlò fún wa. Mo ti pè wọ́n, wọ́n sì ṣèlérí láti yà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n yọ ọ́ fúnra wọn.

Láísẹ́ńsì

Sọ́fítíwíà kò ní wáráńtì bí ti ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí láísẹ́ńsì tàbí àtìlẹ́yìn yóò parí ni mo kọ sí ipò rẹ̀.

| Àmì | Sọ́fítíwíà | Ẹni tó ń lò ó | Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rà á | Ìparí |
|---|---|---|---|---|
| L-01 | ESET PROTECT Entry, ẹ̀rọ 8 | K-01 dé K-08 | 12/02/2025 | 11/02/2026 |
| L-02 | Microsoft 365 Business Standard, ènìyàn 6 | Kúnlé, Ṣadé, Ìyábọ̀, Délé, Bísí, Fẹ́mi | 01/04/2023 | 31/03/2026 |
| L-03 | Office Home & Business 2021 | Ìyáàfin Fúnmi, lórí K-01 | 14/03/2022 | Àtìlẹ́yìn: 13/10/2026 |
| L-04 | Adobe Creative Cloud | Ọ̀gbẹ́ni Tósìn | 02/09/2024 | 01/09/2026 |

L-01 ku ọjọ́ 12. Ìyáàfin Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa san án kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí.

Nínú L-02, a ṣì ń sanwó lórí orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi láti oṣù méjì sẹ́yìn, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Tósìn ń bẹ Omidan Bísí kí wọ́n bá òun ṣí fáìlì Word. N ó kó lẹ́tà àti fáìlì Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi sábẹ́ àkóso Ìyáàfin Ìyábọ̀ ná, lẹ́yìn náà ni n ó gbé àyè náà fún Ọ̀gbẹ́ni Tósìn. Kò sí ìdí láti ra ìkeje.

Windows tó bá àwọn ẹ̀rọ wa wá kò sí nínú tábìlì yìí, nítorí ara ẹ̀rọ ni wọ́n so láísẹ́ńsì rẹ̀ mọ́; kò ṣeé yọ lára K-03 sára ẹ̀rọ tuntun.

Ọ̀gbẹ́ni Délé ni yóò gbé K-05 lọ fún àtúnṣe ní Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kejì. Rìsíìtì rẹ̀ wà nínú àpò báàgì ẹ̀rọ náà, fídíò ìlà ojú rẹ̀ sì wà lórí fóònù mi bí ìlà náà bá kọ̀ láti yọjú níbẹ̀.