Sátidé 18 oṣù kẹwàá: "Ó Le Kú" la máa jọ kà ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ ǹ lẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òǹkàwé wa, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá látòkèèrè tẹ́ ò tíì yọjú rí, oṣù tún ti pé o. Sátidé, ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá 2025 la máa pàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa bẹ̀rẹ̀, a ò sì ní kọjá aago mẹ́fà ààbọ̀ torí àwọn tó ń ti Àpáta àti Mọ́níyà wá, kí ilẹ̀ má ṣú wọn sọ́nà. Ṣọ́ọ̀bù wa ní Bódìjà náà ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àtẹ̀gùn ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ránṣọ. Ìwé oṣù yìí ni Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ.

Mo ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa sọ, "èmi ti wò ó tipẹ́." Ìyẹn gan-an ló jẹ́ ká mú un. Fíìmù lẹ wò, 1997 ni Túndé Kèlání gbé e jáde, ìwé sì ti wà nílẹ̀ láti 1974, ọdún 23 ló fi ṣáájú. Fíìmù yẹn dáa, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa ẹ̀, Yẹmí Ṣódìmú ṣe Àjàní débi pé títí dòní tí mo bá ṣí ìwé náà, ojú ẹ̀ ni mo máa ń rí, gbogbo obìnrin ìgbà yẹn ló sì sáré lọ rán ìró tó mọ sí orúnkún, oleku la ṣì ń pe aṣọ ọ̀hún títí di ìsinsìnyí. Àmọ́ ohùn ẹni tó ń sọ ìtàn yẹn ò sí nínú fíìmù. Inú ìwé ló wà. Ẹni tó bá wo fíìmù nìkan ti rí Àjàní, ti rí Àṣàkẹ́, Lọ́lá àti Ṣadé, àmọ́ kò tíì gbọ́ Ìṣọ̀lá fúnra ẹ̀.

Ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ wo orúkọ ìwé yẹn ná. Ó le kú. Tẹ́ ẹ bá fi àmì sórí "le" yẹn pẹ́nrẹ́n, ó di "ó lè kú", ọ̀rọ̀ ti di nǹkan míì pátápátá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kíyè sí i, mo jókòó sí kántà tí mò ń pè é lóríṣiríṣi fúnra mi. Lára ìdí tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ àmì ohùn nìyẹn, mi ò fẹ́ fi yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ ìtàn náà rárá: Àjàní ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó ti ń parí lọ, ìyá ẹ̀ sì ń dà á láàmú pé kó mú ìyàwó wálé. Obìnrin mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó jẹ́ ẹni yẹpẹrẹ. Mi ò ní sọ jù báyẹn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bó ṣe parí, ẹ pa á mọ́nú títí a ó fi pàdé.

Ohun tó jẹ́ kí ìwé yìí jọ mí lójú ni ibi tó gbé Yorùbá dé. Ẹ wò ó, ọmọ yunifásítì ni wọ́n, wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń bínú síra wọn, wọ́n ń bẹ ara wọn, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, kò sì sí ibi kankan tí èdè yẹn ti ká wọn lẹ́nu. A máa ń sọ ọ́ bíi pé Yorùbá ò wúlò fún nǹkan míì mọ́ ju àlọ́ àti oríkì lọ, pé téèyàn bá ti wọ yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Ọkùnrin tó kọ ìwé yìí, èdè Faransé ló lọ kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí yìí, ó sì tún padà wá jókòó ti Yorùbá, ó fi kọ ìtàn, ó fi kọ eré, ó tú ìwé Ṣóyínká sí i, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní Ifẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní 2018, ara Ìbàdàn wa ni, Lábọ̀dé ni wọ́n bí i sí ní 1939. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọjá nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa lójoojúmọ́ ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ohun tá a máa ń há sórí fún ìdánwò lásán ni wọ́n fi ìwé Yorùbá ṣe fún wa, ta ni olú ẹ̀dá ìtàn, dárúkọ ọnà èdè márùn-ún, ó tán. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan jókòó kọ ọ́ kéèyàn lè gbádùn ẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi ní sí ìbéèrè ìdánwò ní Sátidé. A máa kà á sókè, ẹnì kọ̀ọ̀kan ojú ìwé kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ká wá sọ̀rọ̀. Ohun témi fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni ọ̀rọ̀ Àjàní yìí: ṣé ó ń tan àwọn obìnrin yẹn ni, àbí òun náà ò mọ ohun tó ń ṣe? Àti ìyá ẹ̀, ẹ̀bi mélòó la lè dì lé e lórí? Èrò mi lórí ìyá yẹn ti yí padà ẹ̀ẹ̀mejì, ìyẹn láti ìgbà tí mo ti bí ọkùnrin.

Tẹ́ ò bá mọ Yorùbá kà dáadáa, ẹ wá. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tọ́ ọ, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà sún mọ́ ọn, ó ń fi ìka tọ́ ọ sọ́nà lórí ìwé, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ka ojú ìwé náà tán, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ kí ọmọ yẹn tún wá.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ lọ sí yunifásítì láyé ìgbà yẹn, a nílò yín níbẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ wá sọ bí nǹkan ṣe rí fún wa, bẹ́ ẹ ṣe ń kọ lẹ́tà síra yín nígbà tí kò sí fóònù lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá sì ní fọ́tò, ẹ mú un dání.

Kọ́pì 11 ló kù ní ṣọ́ọ̀bù, ₦4,000 ni ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ₦3,500. Ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, mẹ́ta wà tá a máa ń yáni, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni, ẹ dá a padà kí ẹlòmíì lè rí i kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ya fótókọ́pì ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má fi pídíẹ́ẹ̀fù ránṣẹ́ sórí gúrúùpù, ìwé tí kò bá tà, wọn kì í tún un tẹ̀. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ kà á dé ìdajì ó kéré tán.

Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Sóbò tútù, gúgúrú àti ẹ̀pà máa wà, tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ wà. Ẹ lè mú ọmọ tó ti lé lọ́dún 15 wá. Ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí wáàsáàpù ṣọ́ọ̀bù kó tó di alẹ́ Tọ́sìdeè, torí àga 25 la ní, kí n lè mọ iye tí mo máa lọ yá sí i.