Àlàyé lórí owó páànù ilé Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ tó fi owó páànù ránṣẹ́: náírà ni o, ₦400,000, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó náírà. Àkáǹtì tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 417 ni kí ẹ lò. 471 ni ti dọ́là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì wọ́n mú.

Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, OGUNLEYE FOLASADE BOSEDE ló máa yọ. Orúkọ ilé bàbá mi ni, mi ò tíì yí i sí ti ọkọ ní báńkì. Bí orúkọ mìíràn bá yọ, ẹ dúró, ẹ pè mí.

Níbi `Narration`, ẹ kọ `IKERE PAANU 2` nìkan. Ẹ má kọ “owó ilé”: bẹ́ẹ̀ ni ti bulọ́ọ̀kù ṣe wọlé, a ò sì mọ èwo ni èwo.

Bí owó bá pẹ́, ẹ má fi òmíràn ránṣẹ́.