Ọ̀rọ̀ Ìkíni fún Ìdílé Ọkọ àti Ìdílé Ìyàwó, Níbi Ìdána Àbẹ̀kẹ́ àti Oyèdèjì

Abẹ́òkúta, Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, ọdún 2024. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó ni ó kí wọn, lẹ́yìn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú àpéjọ oríire.

Alága ìjókòó ní kí n kí yín, kí n má sì pẹ́. Mo gbà láti kí yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ti kejì yẹn kò sí lọ́wọ́ mi.

Bí bàbá Àbẹ̀kẹ́ bá wà láyé ni, òun ni ì bá dúró síbi tí mo dúró sí yìí. Ọdún 11 ni ó ti fi wá sílẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo wá ń fi ẹnu àbúrò mi kí yín, nítorí náà bí ìkíni náà bá dùn, tirẹ̀ ni. Bí ó bá gùn, tèmi ni.

Àlejò ni a kọ́kọ́ ń kí.

Ẹ̀yin àna wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú àbọ̀. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. A gbọ́ pé kí àkùkọ tó kọ ni ẹ ti gbéra. A gbọ́ pé táyà ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì yín jò kí ẹ tó wọ Ọ̀yọ́, pé àwọn ìyá wa sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n jókòó ti àpò iṣu ìdána lẹ́bàá ọ̀nà nínú ọyẹ́, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ títí tí wọ́n fi pààrọ̀ táyà náà, tí kò sì sí ẹnì kan nínú yín tí ó ní kí ẹ padà sílé. Ẹ ṣeun. Àwọn ọmọ wa ti ka iṣu náà. 42 ni, ó pé, ọ̀kan kò ṣẹ́.

Ọ̀nà tí ẹ gbà wá ju 150 kìlómítà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣì dé kí a tó to àga tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì wá. Ẹni tí ó yá wa ní àga ni ó pẹ́, ìfẹ́ wa kò pẹ́.

Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ibi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, mo mọ ẹni tí mo ń kí. Láti ìdájí ni mo ti kìlọ̀ fún àwọn obìnrin ilé yìí pé wọn kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀kọ ṣíwájú yín. Ọkà elúbọ ń bẹ nínú ìkòkò. Láfún tiwa náà wà níbẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ọmọ yín yóò máa jẹ bí ó bá wá kí ìyá ìyàwó rẹ̀.

Bàbá ọkọ, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyá ọkọ, mo kí yín. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ọmọ títọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lọ́jọ́ tí Oyèdèjì kọ́kọ́ wá sí ilé yìí, aṣọ funfun ni ó wọ̀, a sì ti gbé àga sílẹ̀ dè é nínú pálọ̀. Kò wọ pálọ̀. Ìyá wa àgbà ni ó rí lábẹ́ igi máńgòrò níta, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ni ó sì dọ̀bálẹ̀ sí, gbalaja, nínú iyẹ̀pẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ó dìde, ilẹ̀ pupa ti gbà á láyà dé ikùn. Kò gbọ̀n ọ́n dànù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wọlé wá bá wa, tí ó jókòó, tí ó dáhùn gbogbo ìbéèrè wa, tí ó sì tún gbé erùpẹ̀ náà lọ sílé. Ẹ̀yin òbí rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ̀yin àgbà ẹbí ọkọ, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣeré díẹ̀, nítorí ọjọ́ ọ̀rẹ́ ni. Nígbà tí ilẹ̀ Ẹ̀gbá wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, ìyà àwọn ajẹ́lẹ̀ ni ó mú kí Lísàbí kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ àáró, kí ó tó sọ wọ́n di jagunjagun tí wọ́n fi gba ara wọn sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí a bá rí èrò púpọ̀ tí ó ti ọ̀nà Ọ̀yọ́ wá, ọwọ́ wọn ni a kọ́kọ́ ń wò. A wo ọwọ́ tiyín lónìí, ẹrù ni a rí. Ẹ kò wá gba ìsákọ́lẹ̀. Àmọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán, nítorí ohun tí ẹ fẹ́ gbé lọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ìsákọ́lẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kò tó o.

Àáró yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí a jọ wọ̀. Lónìí, ẹ bá wa roko ayọ̀ tiwa. Bí ti yín bá dé, ẹ ránṣẹ́, a ó gbé ọkọ́ wa wá.

Mo kí ẹ̀yin ará Ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ẹ bá wọn wá. Míṣọ́nnárì Bówẹ̀n dé Abẹ́òkúta ní 1850, ó gba Ìjàyè kọjá, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ọdún márùn-ún ni ó fi rin ohun tí ẹ̀yin fi àárọ̀ kan rìn, ti táyà tí ó jò náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ kú ìtẹ̀lé, ẹ kú àdúrà.

Ó wá kan ilé.

Ẹ̀yin ẹbí ìyàwó, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, ẹ kú ilé dè wọ́n. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ̀yin ẹbí ìyá ìyàwó, ẹ kú ìjókòó. Bí a ṣe bí ọmọ yìí ní ilé tiwa, apá yín ni ó fi gun ẹ̀yìn; a kò gbàgbé.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, aya àbúrò mi, ìwọ ni mo fẹ́ dúró kí.

O kú ìrọ́jú. O kú àbójútó. O kú àìsùn ọdún 11.

Ẹ̀yin àna wa, obìnrin tí ẹ ń wò yìí, aró ni ó fi kọ́ ọmọ yín níwèé. Ní Ìtòkú ni ó ti ń ta àdìrẹ. Lóru ni ó ń fi ẹ̀kọ pákí ya ọnà sórí aṣọ, ní òwúrọ̀ ni ó ń rì í bọ inú aró elú, tí yóò sá a, tí yóò tún rì í, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dúdú bí ó ti fẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò há ẹ̀kọ náà kúrò, tí funfun yóò sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Aró yẹn kò kúrò ní èékánná rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ gboyè ní yunifásítì, mo rí i bí ó ṣe ń fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìborùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Aya wa, jọ̀wọ́, má fi wọ́n pamọ́ lónìí. Gbé wọn sókè kí àna wa rí wọn. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ọwọ́ wọ̀nyẹn.

Ìyá wa àgbà, ẹ kú ọjọ́ ogbó. Ẹ kú ojú lónìí.

Ẹ̀yin obìnrin ilé, ẹ kú èéfín, ẹ kú iná, ẹ kú àrojẹ. Ẹ̀yin ọkùnrin ilé tí ẹ ní ẹ ń bá wọn ṣọ́ ẹran lórí iná, ẹ kú ìtọ́wò.

Alága ìdúró, alága ìjókòó, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ kú orin. Mo ti rí i pé alága ìjókòó ti gba owó ẹnu ọ̀nà, owó ìdìde àti owó ìjókòó lọ́wọ́ àwọn àna wa. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣẹ́ epo mọ́tò tí wọn yóò fi padà kù sílẹ̀ fún wọn.

Ní ti owó orí, kí a tilẹ̀ tó ṣí àpò ìwé náà ni mo ti ń sọ ọ́: a ó gbà á, a ó dúpẹ́, a ó sì dá a padà fún yín. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ti sọ ọ́ kí ó tó lọ pé òun kò ní ta ọmọ.

Obì àti orógbó ti wà nínú àwo, oyin àti iyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ataare náà sì pé. Àwọn pásítọ̀ yóò gbàdúrà tiwọn. Tèmi kò ní gùn.

Orógbó yìí, wọn ó gbó, wọn ó tọ́.
Obì yìí yóò bi ibi dànù fún wọn.
Oyin kì í kan. Ọ̀rọ̀ wọn kò ní kan ara wọn lẹ́nu.
Ilé ataare kì í ṣófo ọmọ. Ilé wọn kò ní ṣófo.
Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní.
Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Abẹ́òkúta, ìkómọ ni yóò tún kó wa pọ̀ lórí rẹ̀.

Oyèdèjì, ọkọ ọmọ mi, mo kí ọ. Bí ọ̀rọ̀ bá le láàárín ẹ̀yin méjèèjì, wá bá mi kí o tó bá ọ̀rẹ́ rẹ sọ ọ́. Ọmọ mi ni mo máa kọ́kọ́ bá wí, kí o mọ̀. Kí ó má baà yà ọ́ lẹ́nu bí mo bá yíjú sí ìwọ náà.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ mi. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ yín ni ìyàwó ti ń sun ẹkún ìyàwó láti ilé dé ilé, tí gbogbo agbolé yóò sì jáde wá gbọ́ ọ. Tiwa sun tirẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kò ní orin. Ó kàn di ìyá rẹ̀ mú lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì kò sì sọ̀rọ̀. Mo ní kí ẹ mọ̀ ni, kí ẹ má baà rò pé ọmọ tí ó ń jó bọ̀ yìí kò mọ ilé tí ó ń fi sílẹ̀.

Alága ìdúró, ẹ to àwọn ọkùnrin yín sílẹ̀ fún ìdọ̀bálẹ̀. Alága ìjókòó, mo dá gbohùngbohùn yín padà. Ẹ kọ orin, nítorí mo ti ń wo ìbòjú ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà.