Ìwé Àyẹ̀wò Àárọ̀ àti Alẹ́ fún Òṣìṣẹ́ Ilé Oúnjẹ Wa ní Ajílósùn, Adó-Èkìtì

Ẹ máàkì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kan nǹkan náà tẹ́ ẹ sì fojú rí i. Lóṣù tó kọjá, wọ́n máàkì "fíríìsà ń ṣiṣẹ́" lálẹ́ Sátidé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, omi ẹran pupa ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà, kílò 16 la dà nù. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ìwé yìí ni mo kọ.

ÀÁRỌ̀, aago 6:30 (ìyá alásè ló ń ṣílẹ̀kùn)

☐ Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé ìdáná, kẹ́ ẹ fimú gbóòórùn kẹ́ ẹ tó tan nǹkankan. Bí gáàsì bá ń rùn, ẹ má tẹ iná mànàmáná, ẹ má ṣáná. Ẹ ti ẹnu sìlíńdà, ẹ bọ́ síta, ẹ pè mí.

☐ Láàárọ̀ Mọ́ńdè, àti nígbàkígbà tá a bá pààrọ̀ sìlíńdà: ẹ fi ọṣẹ híhó pa ojú ibi tí rọ́bà ti wọnú ẹnu rẹ̀. Tó bá ń yọ ìfófòó, ó ń jò.

☐ Ọwọ́: ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú àáyá 20. Bákan náà lẹ́yìn ilé ìgbẹ́, ẹran tútù àti owó. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì kó dúró sílé kó pè mí. Mi ò ní yọ owó ọjọ́ náà.

☐ Eku. Ẹ wo ẹ̀yìn ike gààrí àti abẹ́ tábìlì ìrẹsì. Tẹ́ ẹ bá rí ìgbẹ́ eku, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a, torí eruku rẹ̀ gan-an ni ewu. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ da omi bílíìṣì sí i, kẹ́ ẹ tó nù ún. Gààrí tí eku bá ti dé, ẹ dà á nù, ì báà jẹ́ àpò kan. Eku ló ń gbé ibà Lásà kiri, ìpínlẹ̀ Oǹdó tá a jọ múlé gbè sì wà lára ibi tó ti ń pọ̀ jù.

☐ Fíríìjì kò gbọdọ̀ ju 4°C lọ, fíríìsà -18°C. Ẹ kọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí gan-an. Bí kò bá síná mọ́jú, ẹ fìka tẹ ẹran. Èyí tó ti rọ̀ tí kò sì tutù mọ́ kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò.

☐ Ọbẹ̀ àná: kó hó dáadáa títí kan àárín ìkòkò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń gbé e kaná. Èyí tó bá tún ṣẹ́kù, kò sí ọ̀la fún un.

☐ Odó àti ọmọ odó: omi gbígbóná, kànrìnkàn, kí bọ̀dá agúnyán sì gbóòórùn rẹ̀ fúnra wọn. Iyán àná a máa fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ odó, á kan, á sì ba tòní jẹ́.

☐ Máṣíìnì POS ti gba iná, bébà wà nínú rẹ̀. Ṣéńjì ₦15,000 nínú àpótí, ₦100, ₦200 àti ₦500 ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù.

Ọ̀SÁN

☐ Ẹ má gúnyán kalẹ̀ de oníbàárà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Iyán ogún ọdún tó ń jóni lọ́wọ́, inú òwe ló wà. Tiwa nínú kúlà á ti le. Ará Èkìtì tó bá sì rí kókó nínú iyán, kò ní bá yín jà. Á sanwó, á kí yín, ó di gbéré.

ALẸ́, aago 9:00

☐ Tiránsífà: àlááàtì orí fóònù ilé oúnjẹ la ń gbà gbọ́, kì í ṣe èyí tí oníbàárà fi hàn yín lórí fóònù tiẹ̀. Kí oníbàárà tó dìde ni kẹ́ ẹ wò ó.

☐ Ìrẹsì tó kù: ẹ tẹ́ ẹ sínú tíréè fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè tètè tutù, kó wọ fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Tó bá sùn sínú ìkòkò, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé e kaná láàárọ̀. Ìgbóná kì í pa gbogbo májèlé inú rẹ̀.

☐ Pátákó tá a fi ń gé ẹran àti èyí tá a fi ń gé ẹ̀fọ́: ẹ fọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ gbé wọn dúró kí wọ́n gbẹ.

☐ Jẹnẹrétọ̀: ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó da epo sí i. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé, òjò ì báà máa rọ̀. Ẹ má gbé e wọ kọ́rídọ̀. Atẹ́gùn olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò lóòórùn, ó sì ń pani.

☐ Ẹ gbé pàǹtírí jáde, ẹ de ike gààrí àti ìrẹsì pinpin.

☐ Gáàsì: ẹ tì í láti ẹnu sìlíńdà, kì í ṣe láti orí sítóòfù nìkan.

☐ Fíríìsà: ẹ fọwọ́ kan wáyà rẹ̀ lára ògiri. Ẹ gbọ́ ìró rẹ̀.

☐ Ẹ fa páádì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tì í, kẹ́ ẹ wá fi "Mo ti tì í" ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mi ò kì í sùn kó tó dé.