Ìkéde fún Gbogbo Ẹni Tó Ń Kó Ẹja àti Ẹran sí Kóòdù-Rúùmù Ọjà, Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, ẹ̀yin alápatà, àti ẹ̀yin ọmọ tó ń bá wọn gbé páálí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé yìí kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.

Yàrá Kìíní wà fún títùsì, kóòtì, ṣáwá, panla àti ẹran tó ti gan. Ojú mítà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní -18, tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yàrá Kejì wà fún èpìyà, ẹja àrọ̀ àti òbòkún tó ti inú ọ̀sà wá láàárọ̀, àti ẹran tútù. Tibẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 4 lọ. Ẹran lọ́wọ́ òsì, ẹja lọ́wọ́ ọ̀tún, kí omi ẹran má baà ro sórí ẹja ẹlòmíràn.

Ẹ wo igi kékeré tó wà níwájú nọ́ńbà. Bí ẹ bá rí 18 láìsí igi ní Yàrá Kìíní, ẹja ti ń yọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá rí dEF, ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀rọ ń yọ yìnyín ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n HA ń sọ pé yàrá ti gbóná jù, P1 ń sọ pé ohun tó ń wọn òtútù ti bàjẹ́. Ẹni tó bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì, kó pe olùṣọ́ lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru.

Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni mítà ń wọ̀n, kì í ṣe inú ẹja. Páálí tó ti gbóná nínú ọkọ̀ máa pẹ́ kó tó tutù dé àárín, á sì mú kí tàwọn tó wà nítòsí rẹ̀ rọ̀. Nítorí náà, ẹ má kó páálí dí ojú fáànù, ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lára ògiri.

Títùsì àti ṣáwá ló ń bà wá lẹ́rù jù. Bí wọ́n bá ti pẹ́ nínú ooru, májèlé kan máa ń wà nínú wọn tí iná kò lè pa. Ẹ sè é, ẹ dín in, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹja náà lè má rùn rárá, síbẹ̀ ojú oníbàárà á pọ́n, ara á máa yún un, orí á máa fọ́ ọ.

Bí iná bá lọ, ẹ má ṣílẹ̀kùn láti wo ẹja. Ṣíṣí yẹn gan-an ló ń lé òtútù jáde. Olùṣọ́ ló máa tan jẹnẹrétọ̀. Ẹja tó bá ti rọ̀, ẹ má dá a padà sí Yàrá Kìíní. Bó bá ṣì tutù dáadáa, ẹ gbé e lọ sí Yàrá Kejì, kí ẹ tà á lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá ti lo ju wákàtí 2 lọ nínú ooru, ẹ dà á nù. Ó dùn wá, àmọ́ kò sí ẹ̀dínwó tó yẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀.

Ìwé tí a ń kọ nọ́ńbà ojú mítà sí, tó wà lára okùn, aago 6 àárọ̀, aago 12 ọ̀sán àti aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni kí a máa kọ ọ́. Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ -18 torí pé ẹni àná kọ -18.

Àwa alábòójútó kóòdù-rúùmù