Ìwé Àtúpalẹ̀ Ìdíje Básíkẹ́tì: Àwa 31, Ìpẹru 38

Àwọn ọmọbìnrin àgbà, kọ́ọ̀tù wa ní Ṣágámù, Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kọ́tà mẹ́rin, ìṣẹ́jú 8 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó sẹ́bàá kọ́ọ̀tù, ó ń fi pẹ́ńsùlù sàmì. Mo ṣírò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀dà kejì wà fún Àǹtí tó ń bá mi kọ́ wọn.

| Kọ́tà | 1 | 2 | 3 | 4 | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|---|---|
| Àwa | 10 | 9 | 8 | 4 | 31 |
| Ìpẹru | 7 | 8 | 9 | 14 | 38 |
| Bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ wa | 3 | 4 | 3 | 9 | 19 |

Jíjù sápẹ̀rẹ̀ (èyí tó wọlé / iye tí a jù)

| Jẹ́sì | Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ | Ọ̀nà àárín | Oní-mẹ́ta | Fírí-tíró | Póìǹtì |
|---|---|---|---|---|---|
| 4 | 2/4 | 0/3 | 0/2 | 1/2 | 5 |
| 6 | 1/3 | 1/5 | 1/4 | 0/0 | 7 |
| 8 | 2/4 | 1/3 | 0/0 | 2/4 | 8 |
| 10 | 1/2 | 0/3 | 0/0 | 0/0 | 2 |
| 13 | 3/7 | 0/0 | 0/0 | 3/8 | 9 |
| Àpapọ̀ | 9/20 | 2/14 | 1/6 | 6/14 | 31 |

Yàtọ̀ sí fírí-tíró, 12 ló wọlé nínú 40. Ọ̀nà àárín ló jẹ wá run. Mẹ́sàn-án nínú 14 yẹn la jù lẹ́yìn ìsinmi, nígbà tí a kọjú sí ìwọ̀-oòrùn tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gún wọn lójú. Kò sí ọ̀kan tó wọlé. Ní apá yẹn, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọ abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni.

Nọ́ńbà 6 fẹ́ràn oní-mẹ́ta. Mi ò ní dá a lẹ́kun: láti ìgbà tí àwọn obìnrin Nàìjíríà ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó ṣẹ́kù ní Òlíḿpíìkì Páríìsì ní 2024 ni gbogbo àwọn ọmọ wa ti ń jù láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró gírígírí kó tó jù ú.

Fírí-tíró mẹ́jọ ló ṣòfò, póìǹtì méje ni wọ́n fi lù wá. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà 13 nígbà tó ju ìkẹta àti ìkẹrin: orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀ rárá, apá lásán ló fi ń tì í, bọ́ọ̀lù ń lu iwájú irin. Ogún fírí-tíró lójoojúmọ́ ní òpin ìdánrawò, nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ wa: 19

Pásì tó ṣìnà 8. Èyí tí wọ́n já gbà nígbà tí a ń gbá a nílẹ̀ 5. Rírìn pẹ̀lú bọ́ọ̀lù 3. Ìṣẹ́jú-àáyá 8 pé kí a tó sọdá ìlà àárín, 2. Dídúró pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, 1.

Nọ́ńbà 4 ló ni 9, mẹ́fà nínú rẹ̀ ní kọ́tà kẹrin. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí bá a wí. Ìpẹru gòkè wá pàdé wa ní ìdí apẹ̀rẹ̀ tiwa, ẹni méjì ká a mọ́ igun. Mo ní kí ẹni tó ń sàmì fi ìlà kékeré sàmì sí ibi tí àwọn yòókù dúró sí: nínú márùn-ún nínú mẹ́fà, àwọn mẹ́rin tó kù ti sá kọjá ìlà àárín, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ta ló fẹ́ kó ju bọ́ọ̀lù fún? Nọ́ńbà 4 yìí sì ti ń bá ìyá rẹ̀ bó obì láti ìdájí ọjọ́ yẹn. Ó yẹ kí n pè é jókòó fún ìṣẹ́jú méjì ní kọ́tà kẹta, n kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe níbi dídáàbò bo apẹ̀rẹ̀: 11, póìǹtì 20

| Irú rẹ̀ | Iye | Póìǹtì tó fà |
|---|---|---|
| A kò tètè sá padà | 4 | 8 |
| Ìrànlọ́wọ́ tó pẹ́ dé | 3 | 6 |
| A kò fi ẹ̀yìn dí wọn nígbà tí bọ́ọ̀lù ta padà | 3 | 4 |
| Fáàlù tí kò yẹ | 1 | 2 |

Póìǹtì mẹ́fà ti ìrànlọ́wọ́ nìkan ló ṣẹlẹ̀ kí kọ́tà kẹrin tó bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rìnlá yòókù ni gbogbo ohun tí wọ́n jù ní kọ́tà náà. Sísá padà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tẹ̀lé bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ nọ́ńbà 4. Nọ́ńbà 10 dúró, ó gbé ọwọ́ lérí pẹ̀lú ìbànújẹ́, ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ sì ti ń sáré kọjá.

Ọjọ́ Túsídè

Àǹtí, ẹ bá mi mú nọ́ńbà 8 àti 10. Ẹni méjì ká nọ́ńbà 4 mọ́ igun. 8 sá padà wá bá a, kó dojú kọ ọ́, 10 dúró sí àárín. Ìgbà mẹ́wàá ní ìhà kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ sọdá kí ìṣẹ́jú-àáyá 8 tó pé. Tó bá bọ́, gbogbo wọn á sá padà dé ìlà fírí-tíró. Èmi á máa kọ́ nọ́ńbà 6 bí a ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù gòkè, kí nọ́ńbà 4 lè rí àyè sinmi.