Káàdì Àkọ́sórí fún Ìdánwò Láísẹ́ǹsì: Àmì àti Òfin Ojú Pópó

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ fọwọ́ bo ìdáhùn, ẹ sọ tiyín sókè, kí ẹ tó ṣí i wò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bá èèyàn lójú pópó ni mo fi pín àwọn káàdì yìí. Oríta ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí ọkọ̀ sábà máa ń gbá ara wọn níbẹ̀.

ÌRÍSÍ ÀMÌ

1. Onígun mẹ́ta elétí pupa, tó ṣóńṣó sókè?
Ìkìlọ̀ ni. Ewu ń bẹ níwájú: kọ́nà, afárá tóóró, ibi tí ẹran ti ń sọdá. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó débẹ̀.

2. Róbótó elétí pupa ńkọ́? Róbótó aláwọ̀ búlúù?
Elétí pupa, èèwọ̀ ni: ẹ má ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí 50 bá wà níbẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Aláwọ̀ búlúù, àṣẹ ni: ibi tí ọfà rẹ̀ kọjú sí ni kí ẹ gbà.

3. Àmì méjì wo ló ní ìrísí tí kò jọ ti àmì mìíràn?
Onígun mẹ́jọ pupa tó ní kí ẹ dúró, àti onígun mẹ́ta tó dorí kodò, tó ní kí ẹ fún ẹlòmíì lọ́nà. Bí ẹrẹ̀ tilẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀, ẹ ó ṣì dá wọn mọ̀.

ORÍTA

4. Kí ni ìyàtọ̀ àmì méjèèjì yẹn?
Níbi onígun mẹ́jọ, táyà gbọ́dọ̀ dúró pátá lẹ́yìn ìlà, bí ọkọ̀ kankan ò tilẹ̀ bọ̀. Níbi èkejì, ẹ rọra wọlé bí ọ̀nà bá mọ́. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ẹ dúró dè é.

5. Ní ráúńdàbáùtù bíi ti Mókọ́lá n'Ìbàdàn, ta ló ni ọ̀nà?
Ẹni tó ti wà nínú rẹ̀, tó ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì yín. Ọwọ́ ọ̀tún la ń wà láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, torí náà apá òsì ni ọkọ̀ ti ń yí bọ̀. Ẹ ó rí onídáńfó tó ń ki imú ọkọ̀ bọ̀ ọ́ tipátipá. Ẹ má fi tirẹ̀ dáhùn ìdánwò, ẹ má sì fi wakọ̀.

6. Ẹ to iná tírááfíkì.
Pupa: ẹ dúró. Pupa pẹ̀lú yẹ́lò: ẹ múra, ẹ má tíì lọ. Gíríìnì: ẹ lọ bí iwájú bá mọ́. Yẹ́lò nìkan: ẹ dúró, àfi bí ẹ bá ti sún mọ́ ìlà débi pé bíréèkì òjijì lè mú kí ẹni ẹ̀yìn kọlù yín. Ọ̀pọ̀ ń kọ pé yẹ́lò ni ká sáré kọjá. Wọ́n á fèèlì ìbéèrè yẹn.

7. Iná ti di gíríìnì, ọlọ́pàá ojú pópó na àtẹ́lẹwọ́ sí yín. Ta lẹ máa gbọ́ tirẹ̀?
Ọlọ́pàá. Àṣẹ rẹ̀ ga ju iná lọ.

ÌYÀSÍLẸ̀

8. Apá wo lẹ máa gbà ya ọkọ̀ sílẹ̀?
Òsì. Ẹ wo díńgí, ẹ tan tíráfíkétọ̀, ẹ tún wo ẹ̀yìn, kí ẹ tó yà.

9. Ìlà àárín títì ń sọ kí ni?
Bó bá já-já, ẹ lè kọjá rẹ̀ bí iwájú bá mọ́. Bó bá gùn lọ láìjá, ẹ má kọjá. Bí méjèèjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tó sún mọ́ yín ni tiyín. Ẹ má ya ọkọ̀ kankan sílẹ̀ ní kọ́nà, lórí afárá tàbí níbi tí òkè ti ń parí.

ERÉ ÀTI ÀÀYÈ

10. Kìlómítà mélòó ní wákàtí kan lẹ ò gbọdọ̀ kọjá?
Ọkọ̀ aládàáni: 50 nínú ìlú, 80 lójú títì, 100 lójú márosẹ̀. Takisí àti bọ́ọ̀sì: 50, 80, 90.

11. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ jìnnà tó sí ọkọ̀ iwájú?
Ẹ mú òpó kan lójú. Bó bá ti kọjá rẹ̀, ó kéré tán, ìṣẹ́jú àáyá 2 gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó débẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ sọ ọ́ di 4.

ÈÈYÀN LẸ́BÀÁ TÍTÌ

12. Ẹnì kan ti tẹ ẹsẹ̀ sórí ìlà dúdú òun funfun.
Ẹ dúró kó sọdá tán. Ẹ má fọn fèrè lé e lórí, ẹ má sì ya ọkọ̀ tó dúró fún un sílẹ̀.

Ọ̀RÀN ÒJIJÌ

13. Ọkọ̀ bàjẹ́ lójú márosẹ̀.
Ẹ tì í sẹ́bàá títì, ẹ tan iná tíráfíkétọ̀ méjèèjì, ẹ gbé káùṣọ̀nù sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ ti lè rí i tipẹ́. Ewé àti òkúta kì í ṣe káùṣọ̀nù: kò sẹ́ni tó ń rí ewé lóru, òkúta tí wọ́n bá gbàgbé sílẹ̀ sì ń pa ẹlòmíràn.

14. Ọkọ̀ ń bọ̀ lóru, ó kọjú sí yín.
Ẹ dín iná iwájú wálẹ̀, bí tirẹ̀ tilẹ̀ ń mọ́lẹ̀ sí yín lójú.